Yàrá mélòó ni láìnì kan lè gbà? Sákíìtì, pákẹ́ẹ̀tì àti ìṣirò àjọlò

Ẹ jẹ́ ká mú ilé akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Camp, ní Abẹ́òkúta, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ pọ̀ sí. Láìnì íńtánẹ́ẹ̀tì tó wọ ilé náà ń gbé 20 mẹ́gábíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó ń bójú tó ilé fẹ́ mọ iye yàrá tí òun lè so mọ́ ọn kí àwọn ayálégbé tó bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn òun lóru. Bí ó bá bi ẹnì kan, onítọ̀hún á ní márùn-ún. Bí ó bá bi ẹlòmíràn, á ní ọgbọ̀n. Ẹni tó ní márùn-ún ń ronú bí oníṣẹ́ tẹlifóònù àtijọ́, ìyẹn ọ̀nà sákíìtì. Ẹni tó ní ọgbọ̀n ti gbọ́ pé ọ̀nà pákẹ́ẹ̀tì máa ń gba èrò púpọ̀, ṣùgbọ́n kò ṣírò. Ìdáhùn wà láàárín àwọn méjèèjì, a sì lè fi kalikulétọ̀ inú fóònù wá a.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má ṣe da mẹ́gábíìtì pọ̀ mọ́ mẹ́gábáìtì. Bíìtì mẹ́jọ ló ń di báìtì kan. Láìnì 20 mẹ́gábíìtì ń gbé mẹ́gábáìtì 2.5 péré ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọ̀pọ̀ ìjà láàárín oníbàárà àti ẹni tó ń ta dátà kò ju àṣìṣe yìí lọ.

Dírọ́ọ̀pù àti ọkọ̀ èrò

Ẹni tó dúró ní Pànṣẹ́kẹ́ tó fẹ́ lọ sí Camp lè gba dírọ́ọ̀pù. Ọkọ̀ ti di tirẹ̀ nìyẹn. Bí ó bá bọ́ sílẹ̀ lọ́nà láti ra búrẹ́dì, dẹ́rẹ́bà á dúró dè é, àwọn ìjókòó tó ṣófo á sì ṣófo bẹ́ẹ̀ dé Camp, bí èèyàn tilẹ̀ ń na ọwọ́ lẹ́bàá ọ̀nà. Bí ó bá wọ ọkọ̀ èrò, ìjókòó kan péré ló san owó rẹ̀. Bí ó bá sọ̀ kalẹ̀, ẹlòmíràn jókòó síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Dírọ́ọ̀pù ni sákíìtì, ọkọ̀ èrò ni pákẹ́ẹ̀tì.

Tẹlifóònù ni a ti lè rí sákíìtì dáadáa. Nígbà tí èèyàn bá tẹ nọ́ḿbà, kì í ṣe pé ohùn rẹ̀ kàn ń wá ọ̀nà lọ. Láti ilé ẹ̀rọ tẹlifóònù kan sí èkejì, wọ́n ní láti kọ́kọ́ ya àyè kan sọ́tọ̀ fún un títí dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń pè. Bí ibì kan ṣoṣo lójú ọ̀nà yẹn kò bá ní àyè, ìpè náà kò ní lọ rárá. Bí gbogbo rẹ̀ bá sì ti ní àyè, tirẹ̀ ni títí yóò fi gbé fóònù sílẹ̀.

Láìnì tí wọ́n ń pè ní E1 ni ẹ fi wò ó. Ó ń gbé 2.048 mẹ́gábíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, wọ́n sì pín in sí àyè 32. Àyè kọ̀ọ̀kan jẹ́ 64 kílóbíìtì. Ibi tí 64 ti wá ni pé ẹ̀rọ ń wọn ohùn nígbà 8,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ń fi bíìtì 8 kọ ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Nínú àyè 32 yẹn, méjì wà fún ìtọ́jú láìnì fúnra rẹ̀ àti fún ìsọfúnni nípa ìpè. 30 ló kù fún àwọn tó ń sọ̀rọ̀. Ẹni kọkànlélọ́gbọ̀n á gbọ́ pé ọ̀nà ti kún. Bí ẹni méjì tó wà lórí fóònù bá sì dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, 64 kílóbíìtì náà ṣì ń ṣàn lọ, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló ń kó. Kò sí ẹni tó lè gba àyè náà lọ́wọ́ wọn.

Irú ìpín bẹ́ẹ̀ náà ló wà nínú ìpè GSM: wọ́n pín ìkànnì kan sí àyè 8 lórí àkókò, oníkálukú sì ń sọ̀rọ̀ nígbà tó bá kàn án. Ìdí nìyẹn tí ìpè fi máa ń kọ̀ láti lọ nígbà tí èrò bá pọ̀ níbì kan, tí ẹni tó ti ráyè wọlé ṣáájú sì ń sọ̀rọ̀ lọ geere bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. (Àwọn ìpè tuntun orí 4G ti kúrò níbẹ̀, pákẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń gbé ohùn wọn.)

Ọ̀nà pákẹ́ẹ̀tì kò ya nǹkan kan sọ́tọ̀. Ó gé ohun tó fẹ́ rán sí wẹ́wẹ́, ó sì lẹ àdírẹ́ẹ̀sì mọ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Donald Davies, ará Bìrìtìkó, ló sọ ẹyọ náà ní pákẹ́ẹ̀tì láàárín ọdún 1960 sí 1970. Paul Baran ti ronú irú nǹkan kan náà ní Amẹ́ríkà. Pákẹ́ẹ̀tì tó wọ́pọ̀ kì í ju báìtì 1,500 lọ. Àdírẹ́ẹ̀sì àti àwọn àmì mìíràn tó wà lórí rẹ̀ máa ń gba nǹkan bíi báìtì 40 nínú rẹ̀, ìyẹn kò pé ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Owó tí a ń san nìyẹn kí a má bàa ya àyè sọ́tọ̀, kò sì wọ́n.

Ohun tó wọ́n ni dídúró. Ráútà ní láti gba pákẹ́ẹ̀tì tán kí ó tó rán an síwájú. Báìtì 1,500 jẹ́ bíìtì 12,000; lórí láìnì 20 mẹ́gábíìtì, ó ń gba 0.6 mílísẹ́kọ́ńdì láti kọjá. Bí àádọ́ta pákẹ́ẹ̀tì bá ti tò síwájú rẹ̀, á dúró fún 30 mílísẹ́kọ́ńdì. Bí ibi ìdúró bá kún, ráútà á ju èyí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nù, ẹni tó fi í ránṣẹ́ á sì ní láti tún un rán. Ní kúkúrú, sákíìtì a máa dá ẹni tí kò ráyè padà lẹ́nu ọ̀nà. Pákẹ́ẹ̀tì a máa gba gbogbo èèyàn wọlé, a sì máa jẹ́ kí wọ́n tò.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wá nọ́ḿbà mẹ́ta

Nọ́ḿbà àkọ́kọ́ ni agbára láìnì, tí a ó pè ní C. Nínú ilé tiwa, C jẹ́ 20 mẹ́gábíìtì. Èkejì ni iye tí yàrá kan ń lò nígbà tó bá ń lo láìnì lóòótọ́, tí a ó pè ní r. Ẹ jẹ́ ká mú 4 mẹ́gábíìtì, tó tó láti wo fídíò tó mọ́ dáadáa. Ẹ̀kẹta ni ìdá àkókò tí yàrá kan fi ń lo láìnì bẹ́ẹ̀, tí a ó pè ní p. Òun ló ṣòro jù láti mọ̀, òun náà sì ni gbogbo ìṣirò yìí rọ̀ mọ́.

Ẹ má ṣe fi ojú wọn p. Ẹni tó gbé fóònù lọ́wọ́ fún wákàtí mẹ́ta lè má lo láìnì ju ogún ìṣẹ́jú lọ: ó ka ọ̀rọ̀, ó ronú, ó dáhùn, ó gbé fóònù sílẹ̀. Wíwọn ló yẹ. Ẹ yan wákàtí tí èrò pọ̀ jù, bíi agogo mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án alẹ́ lọ́jọ́ tí iná bá wà. Bí ráútà yín bá lè lo `iftop`, àṣẹ tí ẹ ó tẹ̀ nìyí, níbi tí `br-lan` ti jẹ́ orúkọ apá ráútà tó kọjú sí àwọn yàrá:

```
iftop -i br-lan -n -t -s 10 -L 100
```

Á dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, á wá to àwọn àdírẹ́ẹ̀sì àti iye tí wọ́n lò sílẹ̀. Òpó tí ó kọ `last 10s` sí lórí ni kí ẹ kà. Bí àdírẹ́ẹ̀sì yàrá kan bá hàn ní ìlà púpọ̀, ẹ ro wọ́n pọ̀. Yàrá tó bá lò ju 1 mẹ́gábíìtì lọ, ẹ kà á sí pé ó ń lo láìnì; èyí tó kéré sí i, àwọn ìránṣẹ́ kéékèèké tí fóònù ń rán fúnra rẹ̀ ni. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá síra wọn, títí wákàtí kan á fi pé. Ìgbà 120 nìyẹn.

Ká ní yàrá 12 ló wà lórí láìnì lọ́jọ́ tí ẹ wọ̀n ọ́n. Tí ẹ bá ro gbogbo iye yàrá tó ń ṣiṣẹ́ nígbà 120 náà pọ̀ tó jẹ́ 144, ẹ pín 144 fún 120 × 12, ìyẹn 1,440. Á jẹ́ 0.1. Yàrá kan ń lo láìnì fún ìdá kan nínú mẹ́wàá àkókò, nínú wákàtí tó gbóná jù.

Ibì kan wà tí wíwọ̀n yìí ti máa ń tan èèyàn jẹ. Bí láìnì bá ti kún tẹ́lẹ̀ nígbà tí ẹ ń wọn, fáìlì tí ì bá dé ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá á gba ogún tàbí ọgbọ̀n. Yàrá náà á dà bí ẹni tó ń lo láìnì fún àkókò gígùn, p á sì ga ju bó ṣe yẹ lọ. Láìnì tí kò tíì kún nìkan ni a fi ń wọn p.

Ìgbésẹ̀ kejì: sákíìtì lákọ̀ọ́kọ́

Ẹ pín C fún r. 20 pín fún 4 jẹ́ 5. Tí a bá ya 4 mẹ́gábíìtì sọ́tọ̀ fún yàrá kọ̀ọ̀kan, yàrá 5 ni láìnì gbà, ẹni kẹfà kò ráyè. Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí láìnì náà: yàrá 5, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lo 4 mẹ́gábíìtì fún ìdá kan nínú mẹ́wàá àkókò. 5 × 0.1 × 4 jẹ́ 2. Nínú 20 mẹ́gábíìtì tí onílé ń sanwó rẹ̀, 2 péré ni wọ́n ń lò ní wákàtí tó gbóná jù. Dírọ́ọ̀pù tó ṣófo ni ìyókù.

Ọ̀nà kan tún wà tí àwọn èèyàn ń gbà sọ láìnì pákẹ́ẹ̀tì di sákíìtì láìmọ̀. Wọ́n á so yàrá 20 mọ́ ọn, wọ́n á wá lọ sínú ráútà, wọ́n á dé yàrá kọ̀ọ̀kan mọ́ 1 mẹ́gábíìtì kí gbogbo rẹ̀ lè pé 20. Ó dà bí òdodo, ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó fẹ́ gba fáìlì mẹ́gábáìtì 100 ní agogo méjì òru, tí gbogbo ilé ti sùn. Fáìlì náà jẹ́ 800 mẹ́gábíìtì. Lórí láìnì tó ṣí sílẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá 40 ni. Lábẹ́ ìdérí 1 mẹ́gábíìtì, ìṣẹ́jú 13 àti ìṣẹ́jú àáyá 20 ni, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹnikẹ́ni tó ń lo ìyókù.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ìṣirò àjọlò

Ìbéèrè yí padà níbí. A kò bèèrè mọ́ pé yàrá mélòó ló lè lo láìnì pa pọ̀. A ti mọ̀ pé 5 ni. Ohun tí à ń bèèrè ni pé: bí a bá so yàrá N mọ́ ọn, báwo ni ìṣeéṣe rẹ̀ ti pọ̀ tó pé ju 5 lọ yóò ń lò ó lẹ́ẹ̀kan náà? Kí a tó ṣírò, ẹ pinnu ibi tí ẹ ó fi ààlà sí. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn 0.01, dára fún ilé akẹ́kọ̀ọ́.

A bẹ̀rẹ̀ láti orí ìṣeéṣe pé kò sí yàrá kankan tó ń lò ó. Yàrá kan wà ní ìsinmi fún 0.9 àkókò. Kí gbogbo yàrá N lè wà ní ìsinmi pọ̀, a ó fi 0.9 sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ nígbà N. Láti ibẹ̀, a kò nílò tábìlì kankan, nítorí ìṣeéṣe kọ̀ọ̀kan ni a fi ń rí èyí tó tẹ̀ lé e:

```
P(0) = (1-p)^N
P(k) = P(k-1) × (N-k+1)/k × p/(1-p)
```

Bí p bá jẹ́ 0.1, p/(1-p) jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́sàn-án, èyí tó mú kí iṣẹ́ rọrùn. Ẹ jẹ́ ká dán N = 19 wò.

P(0), tí a fi 0.9 sọ di púpọ̀ nígbà 19, jẹ́ 0.1351. Fún P(1), a sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 19, a pín in fún 9: 0.2852. Fún P(2), a sọ èyí di púpọ̀ pẹ̀lú 18, a pín in fún 2, a tún pín in fún 9. Bí 18 ṣe pa 2 àti 9 rẹ́ nìyẹn, 0.2852 ló tún jẹ́. P(3): 17 lókè, 3 àti 9 nísàlẹ̀, ó jẹ́ 0.1796. P(4): 16 lókè, 4 àti 9 nísàlẹ̀, 0.0798. P(5): 15 lókè, 5 àti 9 nísàlẹ̀, 0.0266.

Ẹ ro mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀. Ó jẹ́ 0.9914 tí ẹ kò bá gé nọ́ḿbà kúrú láàárín ọ̀nà. Ìṣeéṣe nìyẹn pé yàrá 5 tàbí kí ó máà tó bẹ́ẹ̀ ló ń lo láìnì. Ohun tó kù kí ó pé 1 jẹ́ 0.0086, ó sì wà lábẹ́ 0.01. Tí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún N = 20, ẹ ó rí 0.0113, ó ti kọjá ààlà. Nítorí náà yàrá 19 ni ìdáhùn. Láìnì kan náà tó gba 5 lọ́nà sákíìtì gba 19 lọ́nà pákẹ́ẹ̀tì.

Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà lè jẹ́ kí Python ṣe é:

```python
from math import comb

def ewu(N, n, p):
    return sum(comb(N, k) * p**k * (1-p)**(N-k)
               for k in range(n+1, N+1))

for N in range(5, 26):
    print(N, round(ewu(N, 5, 0.1), 4))
```

Ẹ máa wo ìlà 18, tí yóò kọ 0.0064, ìlà 19 tí yóò kọ 0.0086, àti ìlà 20. Bí tiyín bá yàtọ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti kọ `n` dípò `n+1`: ìyẹn á ka yàrá 5 mọ́ àṣejù, bẹ́ẹ̀ yàrá 5 kò tíì kọjá agbára láìnì.

Kí ni 0.0086 túmọ̀ sí fún ẹni tó wà nínú yàrá? Nínú wákàtí tó gbóná jù, tó jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 3,600, nǹkan bíi 31 péré ni láìnì fi kún ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n sì fọ́n káàkiri. Nígbà tí ó bá kún pàápàá, ẹ ṣírò P(6): ó jẹ́ 0.0069. Mẹ́rin nínú ìgbà márùn-ún tí nǹkan bá kọjá ààlà, yàrá kan péré ló lé. Yàrá 6 á pín 20 mẹ́gábíìtì, 3.33 ló sì kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fídíò á rẹlẹ̀ díẹ̀, ẹni tó ń wò ó lè má fura. Lórí sákíìtì, ẹni kẹfà yẹn kò ní rí nǹkan kan wò rárá.

Láìnì ńlá a máa gba ju ìlọ́po lọ

Èyí ni apá tó dùn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, ibẹ̀ sì ni àwọn tó ń ra láìnì ti máa ń pàdánù owó. Ká ní onílé ẹ̀gbẹ́ náà ní 20 mẹ́gábíìtì tirẹ̀. Ilé méjèèjì, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, gba yàrá 19 àti 19, ìyẹn 38. Bí wọ́n bá pa owó pọ̀ ra 40 mẹ́gábíìtì kan ṣoṣo, àyè tó wà di 10. Ẹ fi 10 sínú ìṣirò dípò 5: N = 50 fún wa ní 0.0094, N = 51 fún wa ní 0.0109. Yàrá 50 ni. Yàrá 12 ló jẹ yọ, láìfi mẹ́gábíìtì kan kún un.

Ìdí rẹ̀ ni pé bí èèyàn bá ti pọ̀ tó, ìyàtọ̀ láàárín iye tí wọ́n sábà máa ń lò àti iye tí wọ́n lè lò lójijì ń dín kù, bí a bá fi wé gbogbo rẹ̀. Nínú yàrá 19, ìlò tó wọ́pọ̀ jẹ́ 7.6 mẹ́gábíìtì nínú 20. A ní láti fi èyí tó ju ìdajì lọ sílẹ̀ nítorí ìgbà òjijì. Nínú yàrá 50, ìlò tó wọ́pọ̀ jẹ́ 20 nínú 40, ìdajì péré ni a fi sílẹ̀. Nítorí náà ẹ má ṣe pín láìnì ńlá sí wẹ́wẹ́ fún àjà kìíní, àjà kejì àti àjà kẹta bí kò bá pọn dandan. Ìkòkò ọbẹ̀ kan ni kí gbogbo ilé jọ máa bù nínú rẹ̀.

Ibi tí ìṣirò ti máa ń já

Ìṣirò yìí gbà pé yàrá kan kò mọ ohun tí yàrá kejì ń ṣe. Ní Abẹ́òkúta, iná ló kọ́kọ́ máa ń ba èyí jẹ́. Iná lọ fún wákàtí mẹ́rin. Ó dé lójijì. Gbogbo fóònù tó ti kú jí, gbogbo kọ̀ǹpútà wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì, gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìmúdójúìwọ̀n àti fọ́tò tó ti ṣẹ́ jọ, láàárín ìṣẹ́jú kan náà. Bọ́ọ̀lù ńlá lálẹ́ ń ṣe irú rẹ̀, ọjọ́ tí ìforúkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ bá máa parí náà ń ṣe é. Kò sí N tó lè dáàbò bo láìnì lọ́wọ́ èyí, àfi kí N jẹ́ 5.

Àṣìṣe kejì ni p tó yí padà. Ẹ fi yàrá 19 sílẹ̀ bó ṣe wà, kí p wá gùn láti 0.1 sí 0.2, bóyá nítorí ìdánwò ti parí, tí gbogbo èèyàn ń wo fíìmù. Ìṣeéṣe àṣejù fò láti 0.0086 sí 0.163: nǹkan bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú wákàtí. Bí p bá dé 0.3, ó di 0.526, láìnì á kún ju ìdajì wákàtí lọ. Láti 0.1 sí 0.2, p di ìlọ́po méjì, wàhálà di ìlọ́po mọ́kàndínlógún. Bí p bá jẹ́ 0.2 ní tòótọ́, yàrá 10 ni kí ẹ má ṣe kọjá. Bí ó bá jẹ́ 0.3, yàrá 7. Níbẹ̀, ọ̀nà pákẹ́ẹ̀tì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àǹfààní lórí sákíìtì mọ́, nítorí ìjókòó tó ṣófo kò pọ̀ nínú ọkọ̀.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé láìnì ti kún, pé kì í ṣe wáyà tàbí Wáífáì ló ní àrùn? Ẹ so kọ̀ǹpútà mọ́ ráútà pẹ̀lú wáyà, kí ẹ fi `ping` wo ibì kan níta ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Ká ní ó kọ 30 mílísẹ́kọ́ńdì. Ẹ tún un wò ní agogo mẹ́jọ alẹ́. Tí ó bá gun 400, tí ó sì sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí àwọn èèyàn bá dáwọ́ dúró, ìlà pákẹ́ẹ̀tì ló gùn. 400 yẹn kì í ṣe àfojúdá. Bí yàrá 6 bá ń béèrè 24 mẹ́gábíìtì lórí láìnì 20, mẹ́gábíìtì 4 ń ṣẹ́ kù ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí ibi ìdúró bá gba mẹ́gábáìtì 1, ìyẹn 8 mẹ́gábíìtì, á kún láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2, pákẹ́ẹ̀tì tó bá sì wà lẹ́yìn pátápátá á dúró fún 8 pín fún 20, ìyẹn 0.4 ìṣẹ́jú àáyá. Fídíò lè fara dà á. Ẹni tó ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp kò lè fara dà á. Àwọn méjèèjì á máa gba ọ̀rọ̀ mọ́ ara wọn lẹ́nu.

Ọ̀pọ̀ ń rò pé fífi ibi ìdúró kún un ló máa wò ó sàn. Ó ń mú kí pákẹ́ẹ̀tì tó ń sọnù dín kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń mú kí ìdúró gùn sí i. Ohun tó dára ni kí ráútà pín ìlà náà láàárín àwọn ẹ̀rọ, kí ẹni tó ń gba fáìlì ńlá má ṣe to gbogbo pákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ síwájú ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Lórí ráútà tó ń lo Linux:

```
tc qdisc replace dev br-lan root cake bandwidth 19mbit dual-dsthost
```

A kọ 19, a kò kọ 20, kí ìlà lè dúró sínú ráútà tiyín níbi tí ẹ ti lè tò ó, kí ó má ṣe dúró lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ta láìnì. Ìyẹn túmọ̀ sí pé yàrá 5 tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ á rí 3.8 dípò 4. Bí ẹ bá fẹ́ kí 4 pé pérépéré, àyè 4 ni kí ẹ lò nínú ìṣirò.

Ìgbésẹ̀ ìkẹyìn: ṣé 20 náà pé 20?

Ilé iṣẹ́ tó ta láìnì fún yín ti ṣe ìṣirò kan náà lórí yín. Láìnì tí wọ́n bá pè ní àjọlò, ilé púpọ̀ ló ń pín in lókè, pẹ̀lú p tí àwọn fúnra wọn fojú dá. Èyí tí wọ́n bá yà sọ́tọ̀ fún yín nìkan wọ́n jù ú lọ, nítorí pé dírọ́ọ̀pù ni. Ẹ bèèrè èwo ni tiyín kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé. Bí ẹ bá ti fọwọ́ sí i tẹ́lẹ̀, ẹ wọn ìyára láìnì ní agogo méjì òru, kí ẹ tún un wọ̀n ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́ nígbà tí ẹ bá ti yọ gbogbo yàrá kúrò lórí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Ká ní òru fún yín ní 20, alẹ́ fún yín ní 12. C tiyín kì í ṣe 20, 12 ni. 12 pín fún 4 jẹ́ àyè 3. Pẹ̀lú p 0.1 àti ààlà 0.01, N = 9 fún wa ní 0.0083, N = 10 fún wa ní 0.0128. Yàrá mẹ́sàn-án ni kí ẹ so mọ́ ọn, kì í ṣe mọ́kàndínlógún.